Ejò ẹ̀yìn ilé ní Ọbáńtokò: ṣé fótò yìí tó láti mọ̀ bóyá ó lóró?

Ìyá Ìbejì Ọbáńtokò · Sátidé, 7:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ejò yìí. Nígbà tí òjò ìrọ̀lẹ́ yìí dá ni àbúrò ọkọ mi rí i lẹ́bàá sókawéè wa, ó nà gbalaja sí ìdí fẹ́ǹsì. Ó ya fótò méjì kí ejò náà tó wọ abẹ́ òkúta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹ ṣáà mọ ilẹ̀ Abẹ́òkúta, òkúta tí a kò bá lè fọ́, ṣe la máa kọ́lé yí i ká.

Fótò kìíní, láti òkè ni, ó jìnnà díẹ̀. Èkejì, ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ ni, iná fóònù ló fi yà á. Àwọ̀ eérú tó fẹ́ pọ́n bí ilẹ̀ ló ní, àbàwọ́n dúdú sì tò sí i lẹ́yìn láti ọrùn dé ìrù.

Aládùúgbò wa ní kí n má fòyà, pé orí rẹ̀ ò ní igun mẹ́ta, kò sì lè lóró. Lánlọ́ọ̀dù ní paramọ́lẹ̀ ni. Ọkọ mi ní ó ṣáà ti lọ. Àwọn ìbejì mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ẹ̀yìn ilé yẹn gan-an ni wọ́n ti ń ṣeré. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn?

Ọmọ Láfẹ́ńwá · 8:03 alẹ́

Aládùúgbò yín ló jàre, Ìyá Ìbejì. Ejò tó lóró, ẹ̀yìn orí rẹ̀ máa ń fẹ̀, ọrùn á wá tínrín. Orí eléyìí àti ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ tún wo ojú rẹ̀ nínú fótò kejì: roboto ni ọmọ ojú náà. Mo kà á lórí intánẹ́ẹ̀tì pé ejò olóró, ojú ológbò ló ní, tó là gbọọrọ sókè. Ejò tí ojú rẹ̀ rí roboto kò ní nǹkan kan lẹ́nu. Ẹ lọ sùn.

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ́dá · 8:11 alẹ́

Lọ sùn kẹ̀! Ọmọ Láfẹ́ńwá, ṣé o ti rí sèbé rí? Orí rẹ̀ kò fẹ̀ ju ọrùn lọ, àfi tó bá bínú tó na ọrùn. Ojú rẹ̀ sì rí roboto, ó mọ́ lóló. Ọ̀kan tu oró sí mi lójú lóko ẹ̀gẹ́, omi ni mo fi ń ṣan ojú títí a fi dé ọ̀nà. Ká ní mo dúró wo igun mẹ́ta, ojú mi ì bá ti fọ́.

Ìyá Ìbejì, ejò yòówù tí ẹ bá rí, ẹ pa á. Lẹ́yìn náà la lè máa jiyàn.

Màmá Adìgbẹ́ · 8:20 alẹ́

Iyọ̀ ni kí ẹ wọ́n yí ilé ká, ẹ fi kẹrosíìnì lé e. Èmi kì í rí ejò nílé mi láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Ejò Alábàtà · 8:52 alẹ́

Ẹ kú àṣálẹ́. Màmá, kì í ṣe bí a ṣe ń lé ejò ni wọ́n bèèrè, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán: iyọ̀ kì í dí ejò lọ́wọ́. Ohun tí ejò bá ń wá jẹ ló ń gbé e wá. Lẹ́bàá sókawéè lẹ́yìn òjò, ọ̀pọ̀lọ́ ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí fótò. Mo ti ń bá ejò ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, àwọn èèyàn sì máa ń fi fótò ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù. Orí onígun mẹ́ta àti ojú ológbò tí Ọmọ Láfẹ́ńwá kà, ìlú Amẹ́ríkà ló ti wá. Lọ́hùn-ún, púpọ̀ nínú ejò olóró wọn jẹ́ irú kan náà, orí wọn fẹ̀, ojú wọn sì là sókè, nítorí náà òfin yẹn bá wọn mu dáadáa. Níbí, ọká nìkan àti àwọn ẹbí rẹ̀ tó tóbi ni òfin náà bá mu. Sèbé kò bá a mu gẹ́gẹ́ bí Bàbá Ọ̀dẹ́dá ṣe wí, bẹ́ẹ̀ náà ni ejò aláwọ̀ ewé olóró tó ń gbé orí igi. Lódìkejì, erè ní orí tó fẹ̀ bẹẹrẹ àti ojú ológbò, kò sì ní ẹ̀kán oró kan lẹ́nu. Ejò ilé aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń jẹ eku, tí ìlà funfun méjì wà lójú rẹ̀, ojú tiẹ̀ náà là sókè, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń pa á láìṣẹ̀.

Orí tún máa ń yí padà. Ejò mìíràn tí kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan, tí ẹ bá dẹ́rù bà á, á tẹ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ títí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á fi yọ igun. Tí fóònù bá sì sún mọ́ ọn jù, ohun tó wà níwájú kámẹ́rà á tóbi ju bó ṣe rí lọ, ọrùn tó wà lẹ́yìn á wá dà bíi pé ó tínrín. Èyí ló fà á tí n kì í fi bí orí ṣe rí bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni bó ṣe tóbi sí àti bí ara rẹ̀ ṣe pín. Fótò kìíní wúlò gan-an fún èyí, nítorí pé ìdí fẹ́ǹsì ló nà sí. Búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì mẹ́sàn-án ni, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 45. Ejò náà gba búlọ́ọ̀kù kan, ó sì yọ díẹ̀ sórí èkejì. Ẹ jẹ́ ká ní sẹ̀ntímítà 50, pẹ̀lú bí ara rẹ̀ ṣe wọ́ díẹ̀. Fún ejò tó kúrú tó bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ nípọn. Ẹ wá wo ìparí rẹ̀: ó nípọn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìrù wá ṣẹ́ kúrú lójijì. Ejò tó ń yára sá, tó ń gun igi, kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìrù tirẹ̀ máa ń gùn, á sì máa tínrín lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìyẹn nìkan ò tó. Ohun méjì ni mo nílò, Ìyá Ìbejì. Ẹ lọ sínú fótò kejì gan-an, èyí tó wà nínú fóònù tí wọ́n fi yà á, kì í ṣe èyí tí Wáàsáàpù ti fún pọ̀. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú, ẹ gé ibi orí nìkan, ẹ fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún òkè orí nínú fótò kìíní. Ẹ má padà lọ ya òmíràn o. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ tàbí fóònù bọ abẹ́ òkúta yẹn lálẹ́ yìí.

Ọmọ Láfẹ́ńwá · 9:01 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ti orí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú ńkọ́? Ẹ ò sọ pé ejò tí ojú rẹ̀ rí roboto yìí lóró.

Ìyá Ìbejì Ọbáńtokò · 9:17 alẹ́

Mo ti rí i gbà lọ́wọ́ àbúrò ọkọ mi. Fótò mẹ́ta ni mo fi ránṣẹ́ yìí: òkè orí, ẹ̀gbẹ́ ojú, àti apá kan ẹ̀yìn rẹ̀ tó hàn dáadáa. Èmi fúnra mi ti fẹ̀ wọ́n lójú. Mo rí àmì dúdú kan lórí rẹ̀ bí orí ọfà, ẹnu ọfà náà kọjú síwájú, láàárín ojú méjèèjì. Kò dúdú kọjá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ti ń bà mí.

Bàbá Ọdẹ Oṣìẹ̀lẹ̀ · 9:30 alẹ́

Mo kí gbogbo ilé. Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ejò tó ń gbé ẹyin ẹyẹ mì nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọwọ́ mi. Kò ní eyín tó lè gún èèyàn. Tí ẹ bá ká a mọ́, á ká ara rẹ̀ jọ, á máa fi ìpẹ́ gbo ìpẹ́, ẹ ó sì gbọ́ ariwo kan tó ń ṣe ṣáá-ṣáá. Àmì ọfà tí ẹ rí yẹn, òun náà ní in lọ́rùn. Ó ń fi ìyẹn ṣe ẹ̀tàn kí wọ́n lè rò pé paramọ́lẹ̀ ni. Àwọn ọmọdé ni mo máa ń fi í hàn.

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ́dá · 9:34 alẹ́

Bàbá Ọdẹ, ẹ ò mú un lọ́wọ́, fótò lẹ wò. Ẹ rọra.

Ọ̀rẹ́ Ejò Alábàtà · 10:10 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó, Bàbá Ọdẹ. Ẹni tó mọ ejò ajẹyin lẹ jẹ́, nítorí ohun tí ẹ sọ nípa ariwo ìpẹ́ àti ẹ̀tàn náà, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bí àwọn méjèèjì ṣe jọra tó ló jẹ́ kí fótò yìí yẹ ní wíwò dáadáa. Paramọ́lẹ̀ kékeré tó ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́ ni mo rò pé ó jẹ́, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Àmì ọfà lákọ̀ọ́kọ́. Ajẹyin sábà máa ń ní i lọ́rùn, ó tínrín, nígbà mìíràn a máa tò bíi méjì mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn. Ti paramọ́lẹ̀ kékeré, orí gan-an ló wà, ẹyọ kan ṣoṣo ni, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ojú, apá rẹ̀ méjèèjì sì ṣí sẹ́yìn dé ìparí orí. Nínú fótò tí Ìyá Ìbejì fẹ̀ lójú, orí ló wà. Àmọ́ n kò ní fi èyí nìkan dájọ́, nítorí pé paramọ́lẹ̀ apá ibí yìí tó ti dàgbà, àmì náà lè ṣá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ò ní rí i mọ́. Tó bá wà lórí, ó ń sọ nǹkan fún wa. Tí kò bá sí, kò sọ nǹkan kan.

Ìpẹ́ òkè orí tẹ̀lé e. Ọká àti paramọ́lẹ̀ ńlá, ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ló kún orí wọn, kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn wọn. Tí ẹ bá rí ìyẹn lórí ejò tó nípọn, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ṣùgbọ́n paramọ́lẹ̀ kékeré yìí kò rí bẹ́ẹ̀: ìpẹ́ ńláńlá pẹlẹbẹ mẹ́sàn-án ló bo orí rẹ̀, bíi ti ejò tí kò lóró gẹ́lẹ́, àti bíi ti ajẹyin. Ibí yìí ló ti máa ń tan àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ jẹ.

Kí ló dé tí orí rẹ̀ kò fẹ̀, nígbà tó jẹ́ ẹbí ọká? Àpò oró ló ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọká yọ sí ẹ̀gbẹ́. Ti paramọ́lẹ̀ kékeré kò dúró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gùn wọ inú ọrùn lọ sẹ́yìn. Oró wà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde.

Ọmọ Láfẹ́ńwá, ọ̀rọ̀ ojú tí o bèèrè nìyí, ó sì dùn mọ́ mi pé o kò fi í sílẹ̀. Láàárín ejò méjì yìí, ajẹyin tí kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan ló ní ojú ológbò. Paramọ́lẹ̀ tó lóró ló ní ojú roboto. Òdìkejì ohun tí o kà ni.

Bàbá Ọdẹ Oṣìẹ̀lẹ̀ · 10:22 alẹ́

Mo gbà pé ojú ajẹyin là sókè. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ya fótò yìí, òjò sì ṣú. Ojú ológbò gan-an, tí ilẹ̀ bá ṣú, kì í ha là roboto? Ejò náà bẹ́ẹ̀. Iná fóònù bà á lójijì, ojú rẹ̀ ò tíì ráyè pa dé. Nítorí náà, roboto tí ẹ rí yẹn ò fi nǹkan kan hàn.

Ọ̀rẹ́ Ejò Alábàtà · 10:41 alẹ́

Ẹ ti gbá a mú, Bàbá. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi ojú dájọ́ nínú fótò alẹ́. Tí ọmọ ojú bá là gbọọrọ, a mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Tó bá rí roboto nínú òkùnkùn, ó lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ò lè yí padà ni ìpẹ́. Ẹ wo fótò ẹ̀gbẹ́ ojú náà, kí ẹ wo abẹ́ ojú tààrà, láàárín ojú àti ètè òkè. Ìlà ìpẹ́ ńlá kan máa ń tò lọ ní ètè ejò láti imú dé ìparí ẹnu. Fún ajẹyin, àwọn ìpẹ́ ètè yìí kan ojú, kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Fún paramọ́lẹ̀ kékeré, ìpẹ́ wẹ́wẹ́ yí ojú ká, ìlà kan nínú wọn sì gba abẹ́ ojú kọjá, ó ya ojú nípá kúrò lára ìpẹ́ ètè. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú títí ó fi fẹ́ máa fọ́. Iná fóònù ti fọ apá iwájú funfun, ṣùgbọ́n lábẹ́ ojú àti sẹ́yìn díẹ̀, mo ń ka ìpẹ́ wẹ́wẹ́ mẹ́ta tó tò láàárín ojú àti ètè. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ìpẹ́ ẹ̀yìn ló kù. Ìpẹ́ ajẹyin, ìlà kan yọ sókè láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó le, òun ló ń dún ṣáá-ṣáá yẹn. Nínú fótò tó mọ́, ara rẹ̀ máa ń rí gbágungbàgun, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí ìpẹ́ ti wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti paramọ́lẹ̀ kékeré, ìlà náà kéré, ara rẹ̀ sì máa ń dán wẹ́rẹ́ bí aṣọ àrán. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ dán. Mo mọ̀ pé ara ejò náà tutù, omi òjò sì lè jẹ́ kó dán ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ìpẹ́ abẹ́ ojú ni mo gbé ẹrù lé, pẹ̀lú ìrù kúkúrú yẹn.

Bàbá Ọdẹ Oṣìẹ̀lẹ̀ · 11:02 alẹ́

Ọmọ mi ti bá mi fẹ̀ ẹ́ lójú. Méjì ni mo rí, n kò rí ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta yẹn lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ iná. Ṣùgbọ́n mo gbà pé nǹkan kan wà láàárín ojú àti ètè. Mo ṣì fẹ́ mọ ohun kan: nígbà tí àbúrò ọkọ yín sún mọ́ ọn, Ìyá Ìbejì, kí ni ejò náà ṣe? Ajẹyin máa ń ká ara rẹ̀ jọ, á lanu gbàà, inú ẹnu rẹ̀ a sì dúdú. Paramọ́lẹ̀ kékeré á fẹ́ra bí ẹni tó mí sínú, á máa mí hùù.

Ìyá Ìbejì Ọbáńtokò · 11:09 alẹ́

Ó ní ó mí hùù, ó sì wú. Kò lanu. Ó ní òun rò pé òjò ló ń dún nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Bàbá Ọdẹ Oṣìẹ̀lẹ̀ · 11:12 alẹ́

Hùn-ún. Ó ti ń sún mọ́ ti ẹ̀gbọ́n Alábàtà. Ká ní ó dún ṣáá-ṣáá ni, n kò ní gbà.

Ọ̀dọ́ Asẹ́rò · Sọ́ńdè, 6:35 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Ọ̀rọ̀ yín bà mí lẹ́rù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ìkòkò òdòdó, mo bá ejò dúdú kan lábẹ́ rẹ̀, kò gùn ju ọwọ́ mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka. Ó dúdú, ó ń dán, orí rẹ̀ kékeré, ojú rẹ̀ kò tó hóró ọkà bàbà. N kò tilẹ̀ mọ èwo ni orí, èwo ni ìrù. Mo fi ọwọ́ gbé e, mo jù ú sí òdì kejì fẹ́ǹsì. Ìyá mi ní agbádú ni. Fótò rẹ̀ nìyí. Orí kékeré báyìí, kò lè lóró, àbí?

Ọ̀rẹ́ Ejò Alábàtà · 7:20 àárọ̀

Àbúrò, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé.

Ejò dúdú kékeré kan wà tó ń gbé inú ilẹ̀, tó máa ń yọ síta lẹ́yìn òjò. Orí rẹ̀ kéré, kò ní ọrùn, ìpẹ́ rẹ̀ dán, ojú rẹ̀ dà bí ojú abẹ́rẹ́. Gbogbo ohun tí intánẹ́ẹ̀tì pè ní àmì ejò tí kò lóró ló wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n eyín oró rẹ̀ gùn, ó sì lè yọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ láìla ẹnu. Nítorí náà, ẹni tó fi ìka méjì di ọrùn rẹ̀ mú bí a ṣe ń di ejò mìíràn mú, inú ìka náà ló máa gún. Kò sí ibi tí èèyàn ti lè di í mú tí kò ní dé.

Ní ti fótò rẹ: ìrù rẹ̀ kúrú, ìparí rẹ̀ sì mú ṣóńṣó bí ẹ̀gún. Ìyẹn bá ejò inú ilẹ̀ yẹn mu. Ṣùgbọ́n ejò dúdú kékeré tí kò lóró pọ̀ lábẹ́ ìkòkò, fótò rẹ kò sì fi ìpẹ́ orí kankan hàn, dúdú gbúú ni gbogbo rẹ̀. N kò lè sọ èwo ni. Ohun tí mo lè sọ ni pé, nínú fótò, ejò kékeré dúdú tó ń dán, tí kò ní ọrùn, tí kò ní àmì kankan, kò sí ìgbà tí mo máa sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò lóró.

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ́dá · 7:31 àárọ̀

Agbádú tí àwa mọ̀ tóbi, ó sì gùn. Eléyìí kì í ṣe agbádú.

Ọ̀dọ́ Asẹ́rò · 7:33 àárọ̀

Bàbá, ní ilé wa, gbogbo ejò dúdú ni agbádú.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà · 8:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ò mọ ìpẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tí wọ́n ń gbé wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí fótò wúlò fún àwa àti ibi tí kò wúlò.

Tí ẹnì kan bá ti ya ejò náà láti ibi tó jìnnà, ẹ gbé fótò náà wá. Ẹ má dúró wá ejò láti yà á lẹ́yìn tó ti bu èèyàn jẹ, àkókò ń lọ, ó sì lè bu ẹlòmíràn jẹ. Ẹ má gbé òkú ejò wá pẹ̀lú ọwọ́. Orí tí wọ́n gé kúrò ṣì lè gé èèyàn jẹ fún ìgbà díẹ̀. Dókítà kì í dúró de orúkọ ejò. Ohun tí ara ń ṣe ni wọ́n ń wò: ṣé ẹsẹ̀ ń wú sókè, ṣé ìpéǹpéjú ń wálẹ̀ tí kò lè gbé e sókè, ṣé èrìgì ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò gíláàsì tó mọ́ tó gbẹ, wọ́n á gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìfọwọ́ kàn án, wọ́n á wá dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó bá ṣì ń ṣàn tí kò dì, oró kan ti ba ìdìpọ̀ ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ẹbí ọká ló sì sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ apa-oró tí a ń lò kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ejò. Ọ̀kan tó wọ́pọ̀ lórílẹ̀-èdè wa, oró ejò mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é: ejò kékeré ilẹ̀ Òkè Ọya tó ń pa èèyàn púpọ̀, paramọ́lẹ̀ ńlá, àti sèbé tó ń tu oró. Ejò inú ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ń sọ yẹn kò sí níbẹ̀. Paramọ́lẹ̀ kékeré náà kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀, ìrora àti wíwú ló sábà máa ń fà, a máa ń tọ́jú ìyẹn, a sì máa ń ṣọ́ ẹni náà. Ọmọdé kékeré ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí, nítorí ara wọn kéré sí oró náà.

Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má so okùn tó le, ẹ má fi òkúta dúdú lé e. Ẹ yọ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ fi igi di ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà kó má mì, ẹ gbé ẹni náà wá.

Ọmọ Láfẹ́ńwá · 8:40 àárọ̀

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ẹ̀gbọ́n Alábàtà, ẹ dá mi lóhùn lórí ọ̀kan péré. Tí n kò bá rí ìpẹ́ abẹ́ ojú, tí n kò rí nǹkan kan ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ṣé àbàwọ́n ẹ̀yìn kò lè sọ ọ́ fún mi?

Ọ̀rẹ́ Ejò Alábàtà · 9:05 àárọ̀

Fún paramọ́lẹ̀ ńlá, ó lè sọ ọ́: àbàwọ́n rẹ̀ máa ń ṣe bí ọfà tó tò lọ lẹ́yìn, ẹnu wọn kọjú sí ìrù, ara rẹ̀ sì nípọn. Fún ọká, ó ṣòro kí èèyàn ṣì í mú, àbàwọ́n rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà. Ṣùgbọ́n fún èyí tó wà níwájú wa, àbàwọ́n ẹ̀yìn gan-an ni ohun tí ajẹyin fi ń ṣe ẹ̀tàn. Tí ẹ̀yìn nìkan bá hàn, tí ejò náà sì kúrú, tó nípọn, tí ìrù rẹ̀ ṣẹ́ kúrú, mo máa pè é ní olóró títí ẹlòmíràn á fi fi orí rẹ̀ hàn mí.

Ìyá Ìbejì Ọbáńtokò · 10:26 àárọ̀

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọkọ mi ti gbà báyìí. Àwọn ìbejì ò ní jáde sẹ́yìn ilé. Wọ́n ń kó àwọn àjókù búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́bàá sókawéè kúrò, ọkọ́ gígùn ni wọ́n fi ń fà á, bàtà ìrọ́bà sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀lọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ṣeé kà. Ibi tí ìbòrí sókawéè ti fọ́, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì dí i. Òkúta yẹn ló kù, ihò abẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀. Ṣé kí a dí i ni?

Bàbá Ọdẹ Oṣìẹ̀lẹ̀ · 10:44 àárọ̀

Ẹ má dí i lónìí, ejò náà lè wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá dí ẹnu kan, á gba ẹnu mìíràn jáde síbi tí ẹ ò ti retí. Ó lè jáde wá jẹun lálẹ́. Ẹ wọ́n eérú tínrín sí ẹnu ihò ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo ipa rẹ̀ láàárọ̀. Tí ẹ bá rí i pé ó jáde tí kò padà, ẹ wá dí i. Tó bá tún yọ, ẹ dúró jìnnà, ẹ ya ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ láìtan iná. Mo ṣì fẹ́ ka ìpẹ́ yẹn kó pé mẹ́ta.

Màmá Adìgbẹ́ · 11:15 àárọ̀

Ẹ ṣáà wọ́n iyọ̀ mọ́ eérú yẹn.